Ṣe àti Má Ṣe fún Olùkọ́ Tó Fẹ́ Gba Kíláàsì Kẹrin Lọ́wọ́ Mi

Ọ̀gá àgbà ti sọ fún mi pé ẹ̀yin lẹ máa di kíláàsì mi mú títí n ó fi ti ìsinmi ìbímọ dé. Ìwé pọ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù: síkíìmù, dáyárì, rẹ́jísítà, nóòtì ìkọ́ni. Gbogbo ohun tí alábẹ̀wò lè béèrè ló wà níbẹ̀. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni mo kọ síbí, ìyẹn ibi tí àwọn ọmọ dé gan-an, àti àwọn mẹ́ta tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbójú kúrò lára wọn. Mi ò dárúkọ ọmọ kankan, torí pé irú ìwé báyìí kì í pẹ́ já sọ́wọ́ ẹni tí kò kàn. Ibi tí kálukú jókòó ni mo fi júwe rẹ̀. Àwòrán ìjókòó wà lẹ́yìn rẹ́jísítà.

MÁ ṢE: Ẹ má gba dáyárì gbọ́ ju ìwé àwọn ọmọ lọ

Dáyárì sọ pé a wà ní ọ̀sẹ̀ kẹfà táàmù kejì, pé a ti parí ìyọkúrò oní-nọ́ńbà mẹ́ta, a sì ti wọ pínpín gígùn. Òótọ́ ni. Mo kọ́ wọn, ọ̀gá àgbà sì buwọ́ lù ú. Ṣùgbọ́n dáyárì ń sọ ohun tí olùkọ́ ṣe ni. Kò sọ ohun tí ọmọ mú lọ sílé. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí dáyárì parí sí, ìdajì kíláàsì yóò máa wò yín bí ìgbà tí wọ́n gbọ́, wọn yóò sì máa dáhùn “Bẹ́ẹ̀ ni, sà” sí gbogbo ìbéèrè yín. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n tọ́ dáadáa kò ní sọ fún àgbà pé ohun tó sọ kò yé òun. Ẹ má fi “Ṣé ó yé yín?” wádìí nǹkan kan lọ́wọ́ wọn.

ṢE: Ẹ fún wọn ní ìṣirò kan péré ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́

Ẹ kọ 503 − 267 sí ojú bọ́ọ̀dù. Ẹ má ṣàlàyé, ẹ má rán wọn létí ohunkóhun. Kí kálukú ṣe é sórí àjákù ìwé, kó kọ orúkọ rẹ̀ sí i, kó fi sílẹ̀.

Ìdáhùn ni 236. Ẹ̀yin yóò rí 236 lọ́wọ́ àwọn kan, ẹ ó sì rí 364 lọ́wọ́ àwọn tó pọ̀. Ẹ má wulẹ̀ fi gègé pupa fa igi sí 364 kí ẹ sì kọjá lọ. Ẹ wò ó dáadáa. Nínú ilé ẹyọ, ọmọ náà rí 3 lókè àti 7 nísàlẹ̀. Kò ṣeé yọ, ló bá yí i padà, ó yọ 3 kúrò nínú 7, ó kọ 4. Nínú ilé ẹ̀wá, ó yọ 0 kúrò nínú 6, ó kọ 6. Nínú ilé ọgọ́rùn-ún, ó yọ 2 kúrò nínú 5, ó kọ 3. Ọmọ yìí kì í ṣe olódo. Òfin kan wà lórí rẹ̀ tó ń tẹ̀ lé láìyẹsẹ̀: nínú ilé kọ̀ọ̀kan, yọ kékeré kúrò nínú ńlá, ibi yòówù kí kékeré wà. Òfin náà sì ti jẹ́ kó gba máàkì rí, torí pé ó máa ń bọ́ sí i nígbàkigbà tí nọ́ńbà òkè bá ju ti ìsàlẹ̀ lọ ní gbogbo ilé. Ìdí nìyẹn tí kò fi fẹ́ fi í sílẹ̀.

Ẹ ó tún rí àwọn díẹ̀ tó kọ 246 tàbí 336. Àwọn wọ̀nyẹn mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn yá. Òdo tó wà láàárín ló dà wọ́n láàmú. Ìṣòro tiwọn yàtọ̀, ó sì rọrùn ju ti àwọn oní-364 lọ.

Nígbà tí mo ṣe irú èyí kẹ́yìn, nínú ọmọ mọ́kànlélógójì tó wà nínú rẹ́jísítà, mẹ́rìnlá rí i gbà, méjìdínlógún kọ 364, àwọn mẹ́sàn-án yòókù kọ oríṣiríṣi. Ìpín mẹ́ta tí mo pín wọn sí nìyẹn. Òun ni àmì pẹ́ńsù kékeré tí ẹ máa rí lára àwòrán ìjókòó ń tọ́ka sí.

MÁ ṢE: Ẹ má tẹ̀ síwájú nínú pínpín gígùn ṣáájú kí ẹ tó tún ìyọkúrò ṣe

Síkíìmù yóò máa lé yín. Ẹ jẹ́ kó lé yín. Ìyọkúrò ló sọ̀ mọ́ ìdí pínpín gígùn, ẹni tí kò lè yọ kò lè pín.

Ẹ mú 312 ÷ 4. Mẹ́rin kò sí nínú 3, nítorí náà a mú 31. Mẹ́rin lọ́nà méje jẹ́ 28. Títí débí, gbogbo wọn mọ̀ ọ́n, torí pé wọ́n mọ táìmùsì wọn lórí bí orin. A fẹ́ yọ 28 kúrò nínú 31, ó yẹ kó ṣẹ́ku 3. Ọmọ tó ń tẹ̀ lé òfin kékeré-kúrò-nínú-ńlá yóò yọ 1 kúrò nínú 8, yóò kọ 7. Yóò yọ 2 kúrò nínú 3, yóò kọ 1. Ohun tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀ di 17. Yóò sọ 2 kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò rí 172, yóò wá máa wo ojú yín.

Àmì tí ẹ ó fi mọ̀ nìyẹn láìjókòó ti ọmọ: ẹ wo ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ó bá ju nọ́ńbà tí a fi ń pín lọ, tí táìmùsì rẹ̀ sì tọ̀nà, ìyọkúrò ló bà á jẹ́. Bí ẹ bá tún pínpín kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́wàá, nígbà mẹ́wàá náà ni yóò bọ́ sínú kòtò kan náà. Ìdáhùn tó tọ́ ni 78. Lẹ́yìn tí 3 bá ṣẹ́kù, a sọ 2 kalẹ̀, ó di 32, mẹ́rin sì lọ sínú rẹ̀ lọ́nà mẹ́jọ.

ṢE: Ẹ fi owó ṣíṣẹ́ kọ́ wọn ní yíyá

Mo ti gbìyànjú igi ìgbálẹ̀ tí a dì ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Ó dára fún 52 − 27, kò sì dára fún 503, torí pé ta ni yóò ka igi ìgbálẹ̀ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta? Owó ló dára jù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bá ìyá wọn tajà lẹ́bàá Ọjà Tákì, kò sẹ́ni tó ní láti kọ́ wọn ní ohun tí ṣéńjì jẹ́.

Nínú páálí kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù ni bébà tí mo gé wà: àwọn tó ní ₦100, àwọn tó ní ₦10, àwọn tó ní ₦1. (₦1 ti di ìtàn fún wọn, ṣùgbọ́n wọ́n gbà á gẹ́gẹ́ bí eré.) Ẹ pe ọmọ kan síta, kó mú ₦503 dání: ₦100 márùn-ún, ₦10 kankan kò sí, ₦1 mẹ́ta. Ẹ ní kó san ₦267 fún yín, kó má sì gba ṣéńjì lọ́wọ́ yín. Yóò fẹ́ san ₦1 méje, kò ní in. Yóò wá ₦10 tí yóò ṣẹ́, kò ní in. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti dákẹ́, kí ẹ jẹ́ kí kíláàsì dá a lóhùn. Ẹnìkan yóò pariwo pé kó lọ ṣẹ́ ₦100 kan. Ó ṣẹ́ ẹ: ₦100 ku mẹ́rin, ₦10 di mẹ́wàá. Ó tún ṣẹ́ ₦10 kan: ₦10 ku mẹ́sàn-án, ₦1 di mẹ́tàlá. Nígbà náà ló tó lè san. Mẹ́tàlá yọ méje, ó ku mẹ́fà. Mẹ́sàn-án yọ mẹ́fà, ó ku mẹ́ta. Mẹ́rin yọ méjì, ó ku méjì. ₦236 wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo wọn sì rí i.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù, kí ẹ fagi lé 5, kí ẹ kọ 4 sórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ nù nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ́ wọn ni 9 tó wà láàárín. Wọ́n fi 10 sílẹ̀ níbẹ̀ láìyọ ọ̀kan tí ilé ẹyọ gbà, ìyẹn ló sì ń bí 246. Àwọn tó kọ 336 ní tiwọn rántí 9, ṣùgbọ́n wọn kò rántí pé 5 ti di 4.

Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko ṣe èyí fún àwọn méjìdínlógún. Àwọn mẹ́rìnlá lè máa bá pínpín lọ ní ìdí fèrèsé, iṣẹ́ wọn wà nínú nóòtì mi. Àwọn mẹ́sàn-án ni kí ẹ fún ní nọ́ńbà méjì méjì, bí 52 − 27. Ọ̀nà ìpín ní ìwọ̀n òye báyìí ni ẹgbẹ́ Pratham fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní Íńdíà: ibi tí ọmọ dé ni wọ́n fi ń pín wọn, ọjọ́ orí kọ́ àti kíláàsì kọ́.

MÁ ṢE: Ẹ má pe nọ́ńbà lẹ́nu lásán nígbà àpèkọ

Èdè Yorùbá ni ẹ ó fi ṣàlàyé ìṣirò, mo sì fara mọ́ ọn. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti dá iṣẹ́ àkànṣe ọlọ́dún mẹ́fà sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ àfi Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pe mẹ́tàdínláàádọ́ta, ọmọ yóò gbọ́ mẹ́ta, yóò gbọ́ àádọ́ta, yóò sì kọ 53 dípò 47. Ẹ kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù bí ẹ ṣe ń pè é. Ó tán.

ṢE: Ẹ máàkì rẹ́jísítà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, pẹ̀lú gègé

Àárọ̀ lọ́tọ̀, ọ̀sán lọ́tọ̀. Ẹ má lo pẹ́ńsù, ẹ má sì pa ohunkóhun rẹ́. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ ó rí i pé àlàfo ọ̀sán ń pọ̀ sí i ju ti àárọ̀. Ìgbà kajú ti dé. Àwọn ọmọ tó ń ti abúlé wá máa ń jáde lásìkò ìsinmi ráńpẹ́, wọn kì í padà. Ẹ má na ẹnikẹ́ni fún un. Òbí ló rán an. Ẹ bá òbí sọ̀rọ̀, kí ẹ sì fi iṣẹ́ tó ṣòro sí àárọ̀, kí ọmọ tó máa lọ tó lọ.

ṢE: Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn jáde nígbàkigbà láìtọrọ àyè

Àrùn fòníkú-fọ̀ládìde ló ń ṣe é. Ìyá rẹ̀ sọ ọ́ fún mi, kò fẹ́ kí kíláàsì mọ̀, nítorí náà ẹ má mẹ́nu bà á lójú wọn. Kíndìnrín àwọn tó ní àrùn yìí kì í lè di omi mú bí tiwa, ìdí nìyẹn tó fi ń tọ̀ léraléra. Bí ẹ bá ní kó dúró, ọgbọ́n tí yóò dá ni pé kò ní mu omi mọ́. Àìmu omi ló sì máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ki, kí ìrora bẹ̀rẹ̀. Ìgò omi rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì, kó sì ṣófo kí ilé-ìwé tó jáde. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí ọyẹ́ bá ṣì mú ní àárọ̀, ẹ jẹ́ kó wọ súwẹ́tà rẹ̀, bí kì í tilẹ̀ ṣe ti yunifọ́ọ̀mù. Kò gbọ́dọ̀ dúró pẹ́ nínú oòrùn, kò gbọ́dọ̀ sá yí pápá ká nítorí ìjìyà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da omi tútù sí i lára láti fi ṣeré.

MÁ ṢE: Ẹ má sọ pé ó ń ṣọ̀lẹ

Lọ́jọ́ tí kò bá kọ̀wé, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ kí ẹ tó bínú. Ìrora eegun lè wà níbẹ̀ tí ojú kò rí. Bí ó bá sọ pé ẹsẹ̀ tàbí ẹ̀yìn ń dun òun, ẹ fi í sí ibi tó gbóná díẹ̀, ẹ fún un lómi, ẹ pe ìyá rẹ̀. Nọ́ńbà wà lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà. Oògùn tí ìyá rẹ̀ kọ sílẹ̀ nìkan ni kí ẹ fún un. Yìnyín àti aṣọ tútù kò sí nínú ìtọ́jú rẹ̀ rárá.

Àwọn àmì kan wà tí kò gba kí a máa dúró de ìyá: ara gbígbóná, àyà dídùn tàbí mímí gúlegúle, kí ó ṣàdédé funfun lẹ́tè àti ní àtẹ́lẹwọ́, tàbí kí apá tàbí ẹsẹ̀ kan rọ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni àwọn olùkọ́ kì í mọ̀. Àrùn yìí lè fa rọpárọsẹ̀ lára ọmọ kékeré. Bí gègé bá ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, tàbí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ ní kó rẹ́rìn-ín, kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Bí ẹnu bá yẹ̀ sápá kan tàbí ọwọ́ kan ń já bọ́, ọ̀kadà ló kàn, ilé ìwòsàn Bowen tààrà, èyí tí àwọn àgbà ìlú ṣì ń pè ní ilé ìwòsàn Onítẹ̀bọmi. Ibẹ̀ ló ti ń gba ìtọ́jú.

MÁ ṢE: Ẹ má gbé ọmọ tó wà níwájú, lọ́wọ́ ọ̀tún yín, lọ sẹ́yìn

Ó ga, ó ń dí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó sì fẹ́ gbé e lọ. Etí rẹ̀ òsì ń ṣọyún, ó ti pẹ́. Mo rò tẹ́lẹ̀ bí ẹni pé olóríkunkun ni, kí n tó fi ìwé rẹ̀ wéra. Ohun tó dà kọ láti ojú bọ́ọ̀dù kì í ní àṣìṣe, àpèkọ rẹ̀ sì kún fún un. Olóríkunkun kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì. Ẹ tún wò ó nígbà tí ẹ bá dúró lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹ pe orúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Kò ní yíjú, àfi bí ẹnìkejì rẹ̀ bá fọwọ́ kàn án.

Ẹ dúró ní apá ọ̀tún rẹ̀ bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀. Ẹ má kọjú sí bọ́ọ̀dù kí ẹ máa ṣàlàyé lọ, torí pé ẹnu yín ló ń wò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán òróró tàbí ohunkóhun sí etí náà, ẹ má sì fi òwú tì í. Mo ti rán bàbá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà etí. Kò tíì lọ. Ẹ bá mi tún un sọ. Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá agbára wa, kò jìnnà: Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìjọba Àpapọ̀ fún Ẹ̀kọ́ Àkànṣe wà nílùú Ọ̀yọ́ láti 1977, àwọn tó ń kọ́ nípa títọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ sì máa ń wá ṣe iṣẹ́ àṣekọ́ni káàkiri.

ṢE: Ẹ ka iṣẹ́ ọmọ tó ti Àbíjàn dé kí ẹ tó fi òdo fún un

Ó wà ní ìlà kẹta, ó ń fà sẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀. Irú rẹ̀ kì í ṣe tuntun nílùú yìí. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń ṣòwò káàkiri Gánà kí ìjọba Busia tó lé àwọn àlejò ní ìparí 1969, àwọn ọmọ tó padà wálé nígbà náà sì bá ara wọn nínú kíláàsì tí wọn kò mọ èdè rẹ̀. Ti Kọdifuá ló kù.

Yorùbá rẹ̀ dán, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tíì dé ibì kan. Ṣùgbọ́n ìṣirò ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ọ̀nà àwọn Faransé ló fi ń pín: nọ́ńbà tí a fi ń pín wà lápá ọ̀tún, kì í ṣe òsì, ìdáhùn sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe lókè. Bí ẹ bá wo 312 ÷ 4 nínú ìwé rẹ̀, ẹ ó rí 312, ìlà kan lóòró, 4 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, 78 lábẹ́ 4. Ó gbà á! Ó tún máa ń fa ìlà kọjá láàárín 7, ó sì ń kọ 2,5 níbi tí àwa ti ń kọ 2.5. Ẹ má yí ọ̀nà pínpín rẹ̀ padà láàárín táàmù yìí. Ẹ kàn jẹ́ kó máa lo àmì ìdá tiwa, torí pé ìyẹn ni ẹni tó máa máàkì ìdánwò rẹ̀ yóò mọ̀. Nínú àwọn mẹ́rìnlá ló wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní na ọwọ́ sókè.

MÁ ṢE: Ẹ má kọ èsì 503 − 267 sínú àmì ìdánwò kékeré

Ó ń sọ ibi tí a ti máa bẹ̀rẹ̀ fún wa ni. Bí wọ́n bá mọ̀ pé máàkì wà níbẹ̀, wọn yóò wo ìwé ara wọn, ẹ̀yin yóò sì rí 236 lọ́wọ́ ọmọ tí kò mọ ibi tó ti wá. Àmì ìdánwò kékeré ti táàmù yìí wà nínú ìwé aláwọ̀ ewé, méjì ló ti wọlé, ẹ̀yin lẹ máa ṣe ẹ̀kẹta ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án.

ṢE: Ẹ fi àjákù ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí pamọ́ fún mi

Ẹ dì wọ́n pọ̀ sínú àpò ìwé kan, ẹ kọ ọjọ́ sí i. Ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ parí, ẹ fún wọn ní 604 − 358, ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 246. Ẹni tó bá ṣì ń yọ kékeré kúrò nínú ńlá yóò kọ 354. Ẹ di ìyẹn náà. Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ olùkọ́ kíláàsì kẹta, ṣọ́ọ̀kì sì wà nínú agolo mílíìkì lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù náà.